Mẹ́mò ojú ewé kan fún olùdarí: bí a ṣe ń fa kókó yọ nínú ìjábọ̀ ọdọọdún, pẹ̀lú ìjábọ̀ MTN Nàìjíríà ti ọdún 2023

Olùdarí tó ní kí o ka ìjábọ̀ ọdọọdún kan kí o sì fún òun ní ojú ewé kan ṣoṣo kò ní kí o sọ igba ojú ewé di ọ̀kan. Ó ní ìpinnu kan lọ́wọ́, ó fẹ́ mọ ohun tí ìwé yẹn sọ nípa ìpinnu náà. Ibi tí ọ̀pọ̀ mẹ́mò ti ń ṣìnà nìyẹn: ẹni tó kọ ọ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ alága, ó ń fa gbólóhùn kan kan yọ ní orí kọ̀ọ̀kan, ó sì dé ìsàlẹ̀ ojú ewé kó tó kan ìṣirò. Mẹ́mò bẹ́ẹ̀ lè má ní irọ́ kankan nínú, síbẹ̀ kò ní wúlò.

Ìjábọ̀ MTN Nàìjíríà fún ọdún 2023 la ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ohun mẹ́ta tí olùdarí máa ń béèrè, ìyẹn owó tó wọlé, ewu àti àdéhùn, so mọ́ra nínú rẹ̀ gan-an. Owó tó wọlé fún ilé-iṣẹ́ náà pọ̀ sí i, síbẹ̀ àdánù ló fi parí ọdún. Ẹni tó bá ka apá owó tó wọlé nìkan á rò pé nǹkan ń lọ dáadáa, ẹni tó bá ka ìlà tó gbẹ̀yìn nìkan á rò pé ọjà ló kọ̀ tí kò tà. Àdéhùn tí ilé-iṣẹ́ náà ti bá àwọn ẹlòmíràn ṣe ló so ìbẹ̀rẹ̀ pọ̀ mọ́ ìparí.

Ìbéèrè kan ṣoṣo

Kí o tó ṣí ìwé náà, kọ ìbéèrè olùdarí sílẹ̀ ní gbólóhùn kan, kí o sì fi hàn án pé, "Ẹ̀yin ọ̀gá, ṣé ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ nìyí?" Ìṣẹ́jú méjì ni yóò gbà, ó sì lè gbà ọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ ọjọ́ méjì. Ká ní ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ ní ìpín nínú MTN Nàìjíríà, ìbéèrè náà lè jẹ́: ṣé ká ra kún ìpín tí a ní, ká dúró, àbí ká tà? Ká ní ẹ ń tajà fún wọn láwìn ni, ìbéèrè á yàtọ̀: ṣé wọ́n á rí owó wa san lásìkò? Ìjábọ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n mẹ́mò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló máa jáde nínú rẹ̀. Ẹni tó ní ìpín á wo dúkìá tó ṣẹ́kù lẹ́yìn gbèsè àti èrè orí ìpín. Ẹni tó ń tà láwìn á wo owó tó wà nílẹ̀ àti gbèsè tó máa tó san láàárín oṣù méjìlá. Ìbéèrè onípìn-ín la ó lò níhìn-ín.

Ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ kíkà

Má bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé kìíní. Ìwé àwọn ọ́dítọ̀ ni kí o kọ́kọ́ kà, pàápàá apá tí wọ́n ti sọ àwọn ọ̀ràn tó gba àkókò wọn jù lọ. Ibẹ̀ ni wàá ti mọ ibi tí ìṣirò ilé-iṣẹ́ náà ti gbára lé ìdíyelé ju ìwé rísíìtì lọ. Tí wọ́n bá ṣiyè méjì pé ilé-iṣẹ́ náà lè máa bá iṣẹ́ lọ, inú ìwé wọn kan náà ni wọn yóò kọ ọ́ sí. Lẹ́yìn ìyẹn ni àkọsílẹ̀ èrè àti àdánù, àkọsílẹ̀ dúkìá àti gbèsè, àti àkọsílẹ̀ owó tó wọlé tó sì jáde ní ti gidi. Àwọn nóòtì tó wà lẹ́yìn wọn ló kàn. Ọ̀rọ̀ alága àti ti ọ̀gá àgbà ni kí o kà kẹ́yìn, nígbà tí o ti mọ iye tí o lè fi wọn wọ̀n.

Nínú ìwé àwọn ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà, ojú ewé kan wà nítòsí ìparí tí àwọn tó ń kánjú kì í dé: àkópọ̀ ìṣirò ọdún márùn-ún. Ibẹ̀ ni owó tó wọlé, èrè àti dúkìá ọdún márùn-ún ti jókòó sójú kan. Tí o bá fẹ́ mọ ibi tí nǹkan ń lọ, ibẹ̀ dára ju fífi ọdún yìí wé èṣí lásán lọ.

Lórí ẹ̀rọ, má máa yí ojú ewé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tẹ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sínú àpótí ìṣàwárí PDF, kí o sì kọ nọ́ńbà ojú ewé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti jáde sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ léra, wọ́n dúró fún ọ̀ràn tó gba àkókò àwọn ọ́dítọ̀, bóyá ilé-iṣẹ́ lè máa bá iṣẹ́ lọ, nọ́ńbà èṣí tí wọ́n tún ṣe, ìdánwò bí èrè á ṣe yí padà, ohun tí wọ́n ti fọwọ́ sí, gbèsè tó lè wáyé, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ọdún parí:

```
key audit matters
going concern
restated
sensitivity
commitments
contingent
events after the reporting
```

Ohun méjì ló máa ń ba iṣẹ́ jẹ́ níbí. Èkíní ni kọ́lọ́ọ̀mù. Àkọsílẹ̀ náà ní kọ́lọ́ọ̀mù mẹ́rin: méjì fún ilé-iṣẹ́ náà pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ lápapọ̀, tí wọ́n kọ `Group` sí lórí, méjì fún ilé-iṣẹ́ ìyá nìkan, tí wọ́n kọ `Company` sí. Ẹni tó mú ti ọdún yìí láti ọ̀kan, tó mú ti èṣí láti èkejì, yóò rí ìdàgbàsókè tí kò ṣẹlẹ̀ rárá. Yan ọ̀kan, kí o sì kọ èyí tí o yàn sínú mẹ́mò. Èkejì ni òdo. Nínú àkọsílẹ̀ ìṣirò, mílíọ̀nù náírà ni wọ́n sábà máa ń fi kọ ọ́, àmọ́ bílíọ̀nù ló máa ń wà nínú ọ̀rọ̀ ọ̀gá àgbà. Wo orí kọ́lọ́ọ̀mù kí o tó dà á kọ.

Owó tó wọlé: ṣé ó dàgbà lóòótọ́?

Ní ọdún 2022, owó tó wọlé fún MTN Nàìjíríà jẹ́ ₦2,012.3 bílíọ̀nù. Ní 2023, ó di ₦2,468.8 bílíọ̀nù. Pín èyí tó gbẹ̀yìn sí èyí tó ṣíwájú, wàá rí 1.227, ìyẹn ìdàgbàsókè ìdá 22.7 nínú ọgọ́rùn-ún. Má ṣe gé nọ́ńbà kúrú kí o tó pín in. Tí o bá fi ₦2.47 tírílíọ̀nù àti ₦2.01 tírílíọ̀nù tí àwọn ìwé ìròyìn kọ ṣe ìṣirò, ìdá 22.9 ni yóò fún ọ. Ìyàtọ̀ náà kéré, ṣùgbọ́n olùdarí tó bá rí 22.7 nínú ìjábọ̀ àti 22.9 nínú mẹ́mò rẹ kò ní gba ìyókù tí o kọ gbọ́ mọ́. Nọ́ńbà kíkún ni kí o fi ṣe ìṣirò, ìgbà tí o bá fẹ́ kọ èsì ni kí o tó gé e kúrú.

Ìdá 22.7 yìí kò tíì sọ nǹkan kan, nítorí pé náírà ọdún 2023 kì í ṣe ti 2022. Àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀, NBS, kéde ìdá 28.92 fún ọ̀wọ́n gógó ọjà oṣù Kejìlá ọdún 2023. Nọ́ńbà tí gbogbo ènìyàn máa ń mú nìyẹn, òun gan-an sì ni kò yẹ ká mú níhìn-ín. Oṣù kan ṣoṣo ni ó ń fi wé oṣù kan náà lọ́dún tó kọjá. Láàárín oṣù méjìlá gbáko ni owó MTN wọlé, nítorí náà ìpíndọ́gba ọdún ló bá a mu, ìyẹn ìdá 24.66. Pín 1.227 sí 1.2466, wàá rí 0.984. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí a bá yọ ọ̀wọ́n gógó kúrò, owó tó wọlé fi díẹ̀ dín kù, bí ìdá 1.6. Ká ní nọ́ńbà oṣù Kejìlá la lò ni, à bá ti kọ pé ó dín ní bí ìdá 4.8, olùdarí á sì rò pé ọjà ti ń bàjẹ́ níbi tó ti kàn ń rọra fà sẹ́yìn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kí o ṣí nóòtì tó pín owó tó wọlé sí ìsọ̀rí: ìpè, dátà, owó fífi ránṣẹ́ lórí fóònù àti ìyókù. Ìbéèrè kan ni kí o wá ìdáhùn sí níbẹ̀: ṣé iye ọjà tí wọ́n tà ló pọ̀ sí i, àbí iye tí wọ́n ń tà á ni wọ́n fi kún? Fún ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, ìdáhùn yìí lágbára, torí pé wọn kò lè fi owó kún iye tí wọ́n ń gbà láìjẹ́ pé NCC, àjọ ìjọba tó ń darí iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀, fọwọ́ sí i. Títí ọdún 2023 fi parí, kò tíì sí ìfọwọ́sí bẹ́ẹ̀ lórí àfikún gbogbogbòò tí àwọn ilé-iṣẹ́ náà ń bẹ̀bẹ̀ fún. Èyí ni pé owó tí wọ́n ń ná lè fò sókè pẹ̀lú dọ́là, kí owó tí wọ́n ń gbà sì dúró sójú kan. Gbólóhùn kan péré nípa èyí tó fún mẹ́mò, ṣùgbọ́n òun ló máa gbé olùdarí wọ inú apá ewu.

Ewu: ka èyí tó ní nọ́ńbà

Orí tí wọ́n pè ní ìṣàkóso ewu nínú ìjábọ̀ ọdọọdún sábà máa ń ní ewu mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ: ààbò orí ẹ̀rọ, ìyípadà òfin, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń lọ sílẹ̀ òkèèrè, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí o bá dà wọ́n kọ báyìí, ojú ewé rẹ ti kún, olùdarí ò sì mọ èyí tó lè pa ilé-iṣẹ́ náà. Ohun tí a fi ń yan ewu rọrùn: èwo nínú wọn ló ti gba owó lọ́wọ́ wọn lọ́dún yìí, èwo sì ni nóòtì ìṣirò fi nọ́ńbà sí? Ewu tí kò sí nínú èyíkéyìí nínú méjèèjì kì í sábà yẹ lójú ewé kan.

Nínú ìjábọ̀ yìí, ọ̀kan ga ju gbogbo wọn lọ. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà jẹ́ kí iye náírà máa rìn bí ọjà bá ṣe rí. Dọ́là kan tó jẹ́ ₦461.1 nígbà tí ọdún 2022 parí ti di ₦907.1 nígbà tí 2023 parí. Gbogbo gbèsè dọ́là tó wà nínú ìwé ni wọ́n ní láti tún díyelé, àfikún ₦446 lórí dọ́là kọ̀ọ̀kan. Àdánù tó tinú ìyẹn jáde jẹ́ ₦740.4 bílíọ̀nù. Fi wé owó tó wọlé, wàá rí i pé nínú ₦100 tí oníbàárà san, ₦30 ló lọ síbẹ̀. Bí a ṣe kúrò lórí èrè tó ju ₦340 bílíọ̀nù lọ ní ọdún 2022, tí a bọ́ sórí àdánù ₦137 bílíọ̀nù lẹ́yìn owó orí ní 2023, nìyẹn.

Ìdá 30 yẹn ni kí o kọ. Olùdarí lè má rántí ₦740.4 bílíọ̀nù lọ́la, ṣùgbọ́n kò ní gbàgbé ọgbọ̀n náírà nínú ọgọ́rùn-ún.

Ó kù ká wo ọ̀la. IFRS, ìlànà ìṣirò owó tí ilé-iṣẹ́ ń tẹ̀ lé kárí ayé, ní kí ilé-iṣẹ́ fi tábìlì kan hàn tó ń sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí èrè bí owó ilẹ̀ òkèèrè bá gbówó lórí. Wo ìdá tí wọ́n fi dán an wò dáadáa. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń lo ìdá 10 tàbí nǹkan tó sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n lọ́dún 2023 dọ́là fi bí ìdá 97 gbówó lórí. Má da nọ́ńbà ìdá 10 yẹn sínú mẹ́mò bí ẹni pé òun ni òkè ewu. Mú gbèsè owó òkèèrè nínú nóòtì, yọ owó òkèèrè tí ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ní lọ́wọ́, kí o wá sọ èyí tó kù di púpọ̀ pẹ̀lú iye náírà tí ó lè fi yí padà.

Bí nóòtì bá ṣòro kà, ìṣirò àkẹ́yìnwá kan wà tó lè fún ọ ní ìwọ̀n. Pín àdánù ₦740.4 bílíọ̀nù sí ₦446, wàá rí nǹkan bíi dọ́là 1.66 bílíọ̀nù. Kò pé pérépéré, torí pé gbèsè ń wọlé, ó ń jáde láàárín ọdún, tí a sì ti san òmíràn ní iye mìíràn. Ṣùgbọ́n ó tó fún ìkìlọ̀. Kí oṣù Kejì ọdún 2024 tó parí, dọ́là kan ti lé ní ₦1,400. Bí gbèsè náà bá wà bó ṣe wà, àfikún ₦493 lórí dọ́là 1.66 bílíọ̀nù jẹ́ ₦818 bílíọ̀nù. Nígbà tí ìṣirò ọdún 2024 jáde, ₦925.4 bílíọ̀nù ni àdánù pàṣípààrọ̀ tí wọ́n kọ sílẹ̀, nítorí pé dọ́là ti lé ní ₦1,500 nígbà yẹn. Ẹni tó ṣe ìṣirò ìlà mẹ́ta yìí ní oṣù Kẹta ọdún 2024 kì í ṣe wòlíì, ó kàn wo iye dọ́là ọjọ́ tó ń kọ mẹ́mò dípò ti ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá. Èyí gan-an ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ní apá ewu: ìwé dúró níbi tí ọdún parí, olùkọ mẹ́mò náà sì dúró síbẹ̀.

Ewu kejì tó yẹ lójú ewé ni pé àdánù náà ti jẹ owó àwọn onípìn-ín tán. Nígbà tí ọdún parí, gbèsè ilé-iṣẹ́ náà fi ₦40.8 bílíọ̀nù ju dúkìá rẹ̀ lọ. Ṣọ́ra fún ọ̀nà tí o gbà sọ èyí. Kì í ṣe pé ilé-iṣẹ́ náà ti wó, nítorí owó ṣì ń wọlé lójoojúmọ́. Ohun tó túmọ̀ sí fún onípìn-ín ni pé kò sí èrè tó ṣẹ́kù tí wọ́n lè pín.

Àdéhùn àti ìlérí kì í ṣe ọ̀kan náà

Apá yìí ló ń dá àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí yàtọ̀. Nínú ìjábọ̀ ọdọọdún, oríṣi ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló jọ ara wọn: ohun tí ilé-iṣẹ́ ti fọwọ́ sí tí kò lè yẹ̀ ẹ́, ohun tí òfin ti gbé kà á lórí, àti ohun tí ọ̀gá àgbà sọ pé àwọn fẹ́ ṣe. Bí o bá kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sábẹ́ àkọlé kan, o ti sọ ìrètí di gbèsè, o sì ti sọ gbèsè di ìrètí.

Èyí tí wọ́n ti fọwọ́ sí wà nínú nóòtì: owó ẹ̀rọ tí wọ́n ti pàṣẹ fún tí kò tíì dé, owó yíyá àti ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ san án, àti owó ìyálò. Ti ìyálò ló wúwo jù nínú ọ̀ràn MTN. Àwọn òpó másìtì tó ń gbé ìpè kiri, ọwọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn bí IHS ni wọ́n ti ń yá wọn. Náírà ni wọ́n ń san, ṣùgbọ́n apá kan nínú owó náà ni wọ́n so mọ́ iye dọ́là. Ẹni tó bá ń wá gbèsè dọ́là láàárín owó tí wọ́n yá ní báńkì nìkan kò ní rí i. Inú nóòtì ìyálò ló wà, níbi tí ojú kì í tètè dé. Ìdí nìyí tó fi sàn kí o ka nóòtì àdéhùn kí o tó kọ apá ewu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́yìn ewu ni yóò wà nínú mẹ́mò.

Èyí tí òfin gbé kà á lórí kì í sábà ní àkọlé tirẹ̀. CAMA ti ọdún 2020, òfin tó ń darí àwọn ilé-iṣẹ́ ní Nàìjíríà, ní kí àwọn olùdarí ilé-iṣẹ́ tí ará ìlú ní ìpín nínú rẹ̀ pe ìpàdé àkànṣe bí dúkìá tó ṣẹ́kù lẹ́yìn gbèsè kò bá ju ìdajì owó ìpín tí wọ́n ti ní kí àwọn onípìn-ín san lọ. Nígbà tí gbèsè bá ti ju dúkìá lọ, ọ̀ràn náà ti kọjá ìdajì. Ìpàdé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìlérí rere láti ọ̀dọ̀ wọn, ọ̀ranyàn ni, onípìn-ín sì gbọ́dọ̀ máa retí ìwé ìpè rẹ̀.

Èyí tó jẹ́ ìlérí wà nínú ọ̀rọ̀ alága àti ti ọ̀gá àgbà. Àmì rẹ̀ ni pé a kì í rí ọjọ́ nínú rẹ̀, a kì í sì í rí iye. "A ń bá àjọ NCC sọ̀rọ̀ lórí owó ìpè" kò jọ "a ó san bílíọ̀nù báyìí kí oṣù Kẹfà tó parí." Kọ ìlérí kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà. Bí ó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ló máa fọwọ́ sí i kó tó ṣẹ, kọ orúkọ ẹni náà. Owó ìpè wà lọ́wọ́ NCC, àtúnṣe àdéhùn másìtì wà lọ́wọ́ IHS. Méjèèjì padà ṣẹ, àmọ́ ẹ wo bí ó ti pẹ́ tó: oṣù Kẹjọ ọdún 2024 ni àdéhùn tuntun pẹ̀lú IHS jáde, oṣù Kìíní ọdún 2025 ni NCC tó gbà kí àwọn ilé-iṣẹ́ fi owó kún iye tí wọ́n ń gbà, kò ju ìdá 50 lọ. Odidi ìṣirò ọdún kan, pẹ̀lú àdánù ₦400.4 bílíọ̀nù, ti kọjá láàárín kí èkejì tó dé.

Ojú ewé náà fúnra rẹ̀

Ìwé A4 kan, ojú kan, lẹ́tà ìwọ̀n 11, etí tó tó sẹ̀ǹtímítà méjì. Ọ̀rọ̀ bíi 300 sí 400 ló gba ibẹ̀ láìfún ojú pọ̀. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, má ṣe sọ lẹ́tà di 9. Yọ ewu kan kúrò ni. Ìdáhùn ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, kì í ṣe ìtàn bí o ṣe dé ìdáhùn. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ojú ewé tí ó ti wá, kí o sì sọ bóyá nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìwé ni tàbí ti PDF, nítorí pé méjèèjì kì í sábà dọ́gba. A fi àyè ojú ewé sílẹ̀ lófìfo nínú àpẹẹrẹ yìí.

> Sí: Olùdarí ètò ìdókòwò
> Láti: Ẹ̀ka ìwádìí
> Ọjọ́: oṣù Kẹta ọdún 2024
> Kókó: Ìpín wa nínú MTN Nàìjíríà: ṣé ká ra kún un?
>
> Ìdáhùn. A dábàá pé kí a má ra kún un báyìí, kí a má sì tà. Ọjà ilé-iṣẹ́ náà ṣì ń tà, ṣùgbọ́n gbèsè tí wọ́n so mọ́ dọ́là ti jẹ èrè rẹ̀ tán, náírà sì ti tún wálẹ̀ sí i lẹ́yìn tí ọdún parí.
>
> Owó tó wọlé (ilé-iṣẹ́ lápapọ̀). Ó kúrò ní ₦2,012.3 bílíọ̀nù, ó di ₦2,468.8 bílíọ̀nù, àfikún ìdá 22.7 [oj. __]. Ìpíndọ́gba ọ̀wọ́n gógó ọdún náà jẹ́ ìdá 24.66 (NBS), nítorí náà agbára owó náà fi bí ìdá 1.6 dín kù. Wọn kò lè fi owó kún ìpè àti dátà láìsí àṣẹ NCC.
>
> Ewu. (1) Dọ́là kúrò ní ₦461.1, ó di ₦907.1. Àdánù tó fà jẹ́ ₦740.4 bílíọ̀nù, ₦30 nínú ₦100 tó wọlé [oj. __]. Bí dọ́là bá dúró sí ₦1,400, a fojú bù ú pé àdánù mìíràn tó tó ₦800 bílíọ̀nù lè wáyé ní 2024 (ìṣirò wa ni, kò sí nínú ìjábọ̀). (2) Gbèsè fi ₦40.8 bílíọ̀nù ju dúkìá lọ [oj. __]. Wọ́n san ₦5.60 lórí ìpín kan láàárín ọdún, wọn kò dábàá èrè ìparí ọdún.
>
> Ohun tó dè wọ́n. Ìyálò òpó másìtì tí apá kan rẹ̀ tẹ̀lé dọ́là [oj. __]. Ìpàdé àkànṣe àwọn onípìn-ín gẹ́gẹ́ bí òfin CAMA.
>
> Ohun tí wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe. Àtúnṣe àdéhùn másìtì (ó wà lọ́wọ́ IHS). Àfikún owó ìpè (ó wà lọ́wọ́ NCC). Kò sí ọjọ́ fún èyíkéyìí.
>
> Ohun tí a fẹ́ kí ẹ ṣe. Kí ẹ fọwọ́ sí i pé ká dúró. A ó padà wá bá yín bí ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí bá ṣẹlẹ̀: NCC gba àfikún owó, àdéhùn másìtì yí padà, tàbí dọ́là kọjá ₦1,600.

Kíyè sí i pé ìṣirò ₦800 bílíọ̀nù ní àkíyèsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé tiwa ni. Bí a bá yọ àkíyèsí yẹn, olùdarí lè dé ìpàdé kó sọ pé MTN fúnra wọn ló kọ ọ́, ẹni tó kọ mẹ́mò ni yóò sì jìyà rẹ̀. A gé 818 sí 800 nínú mẹ́mò pẹ̀lú ìdí: nọ́ńbà tó bá jáde láti inú ìfojúbù kò yẹ kó dà bí èyí tí wọ́n ti wọ̀n lórí òṣùwọ̀n.

Olùdarí mìíràn lè fẹ́ tábìlì kékeré fún owó tó wọlé. Ìlà mẹ́ta, ọdún mẹ́ta, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwòrán gíráàfù kì í sábà wúlò lójú ewé kan, àyè tó ń gbà ju ohun tó ń sọ lọ.

Kí o tó fi ránṣẹ́

Mú gbogbo nọ́ńbà inú mẹ́mò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o ṣí ojú ewé tí o kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí o sì fi lẹ́ẹ̀dì mààkì sí i. Ẹlòmíràn ni kó ṣe èyí bí ó bá ṣeé ṣe, nítorí pé ojú ẹni tó kọ ìwé kì í rí àṣìṣe tirẹ̀. Ìṣẹ́jú ogún tó fún un. Nọ́ńbà èṣí ni kó fún ní àfiyèsí jù: ilé-iṣẹ́ lè tún ìṣirò ọdún tó kọjá ṣe, kó sì kọ `restated` sí orí kọ́lọ́ọ̀mù náà. Èyí tó wà nínú ìjábọ̀ tuntun ni kí o lò, kì í ṣe èyí tí o rántí láti inú ti àtijọ́. Bí ìyàtọ̀ náà bá pọ̀, ó yẹ fún gbólóhùn kan nínú mẹ́mò.

Lẹ́yìn náà, bo ìyókù mẹ́mò mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ìwé funfun, kí o fi ìlà "Ìdáhùn" nìkan sílẹ̀, kí o sì fún ẹni tí kò ka ìjábọ̀ náà. Bí kò bá lè sọ ohun tí ẹ fẹ́ kí olùdarí ṣe àti ìdí kan tí ẹ fi fẹ́ ẹ, ìlà méjì yẹn ni kí o tún kọ. Fi ìyókù sílẹ̀ bó ṣe wà.